Ìpààrọ̀ Márùn-ún, Àbí Èèyàn Márùn-ún?

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn olórí ẹgbẹ́, kóòṣì àti rẹfirí líìgì àdúgbò sọ ní Iléṣà, kí sáà tuntun tó bẹ̀rẹ̀

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin kóòṣì, ẹ̀yin rẹfirí, àti ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ dúró sẹ́nu ọ̀nà nítorí pé àga kò tó. Mi ò ní pẹ́ lórí ìkíni, torí mo mọ̀ pé ẹ ti ń wo aago.

Gbólóhùn kan ni mo fẹ́ fi bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́ sínú ìwé òfin wa ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn: "Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù márùn-ún." Nígbà tí mo kọ ọ́ tán, inú mi dùn sí i. Ó kúrú, ọmọdé pàápàá gbọ́ ọ. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan tó kángun sí àṣekágbá ló wá fi hàn mí pé gbogbo wa la gbọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tí oníkálukú gbọ́ yàtọ̀ síra.

Ẹ jẹ́ kí n pe ẹgbẹ́ méjèèjì ní aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa, nítorí àwọn tọ́rọ̀ kàn wà nínú ilé yìí, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dìde. Àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú parí, ó jẹ́ 1 sí 1. Aláwọ̀ ewé ti lo ìpààrọ̀ márààrún. Nínú àfikún àkókò, aṣọ́lé wọn fò mú bọ́ọ̀lù, ó fi èjìká ṣubú, èjìká sì yẹ̀. Kóòṣì wọn bojú wo bẹ́ǹṣì. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ti gbá ìlàjì àkọ́kọ́, tí wọ́n ti yọ nígbà ìsinmi. Ó ní kí ó wọ ibọ̀wọ́, ó sì ní kí ó wọlé lọ ṣọ́lé. Rẹfirí gbà á láyè. Nígbà tí wọ́n dé orí pẹ̀nárítì, ọmọkùnrin yìí mú méjì, aláwọ̀ ewé yege, ìlù sì bẹ̀rẹ̀.

Aláwọ̀ pupa kọ̀wé ẹ̀sùn. Ní ọjọ́ ìjókòó, kóòṣì aláwọ̀ ewé ní kí n ka òfin síta, mo sì kà á. Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, agbábọ́ọ̀lù márùn-ún lòfin sọ. Ẹ ka àwọn tó ti orí bẹ́ǹṣì mi wọlé. Márùn-ún ni wọ́n. Èyí tó padà wọlé ti wà lórí pápá tẹ́lẹ̀, kì í ṣe ẹni tuntun." Alága aláwọ̀ pupa náà dìde. Ó ní, "Agbábọ́ọ̀lù mélòó lẹ ti pààrọ̀ jáde? Ẹ ka aṣọ́lé yẹn mọ́ ọn. Mẹ́fà ni."

Àwọn méjèèjì ló jàre. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìṣe náà dáadáa: bí mo bá ní mo pààrọ̀ agbábọ́ọ̀lù, ṣé ẹni tó jáde ni mo ń sọ, àbí ẹni tó wọlé? Ní èdè wa, ó lè jẹ́ èyí, ó lè jẹ́ ìyẹn. Ohun kejì ni iye. Ṣé èèyàn ni márùn-ún ń kà, àbí ìgbà? Níbi tí ẹni tó ti jáde kò bá ti lè padà wọlé, kò sí ìyàtọ̀, torí ìpààrọ̀ márùn-ún ló máa jẹ́ èèyàn márùn-ún. Àmọ́ níbi tí ó bá ti lè padà, iye méjèèjì á pínyà, gbólóhùn mi kò sì sọ bóyá ó lè padà tàbí kò lè padà. Ibẹ̀ gan-an ni ihò náà wà, èmi ni mo sì gbẹ́ ẹ.

Ẹlòmíràn á ní ṣebí òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti parí ọ̀rọ̀ yìí. Kò parí ẹ̀. Òfin kẹta nínú òfin bọ́ọ̀lù sọ pé nínú ìdíje ńláńlá, ẹni tí wọ́n bá ti pààrọ̀ jáde ti ṣe tán lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó fi àyè sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù àwọn ọmọdé, ti àwọn àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, ti àwọn akanda ẹ̀dá àti ti àdúgbò, pé a lè jẹ́ kí ẹni tó jáde padà wọlé bí àjọ bọ́ọ̀lù orílẹ̀-èdè bá fọwọ́ sí i. Líìgì tiwa wà nínú àwọn tí àyè yẹn kàn. Nítorí náà, bí ìwé òfin wa bá dákẹ́, a kò lè sọ pé òfin àgbáyé ti sọ̀rọ̀ fún wa. Àwa fúnra wa la gbọ́dọ̀ yan ọ̀kan, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Ohun tí ìgbìmọ̀ yàn ni pé kò sí ìpadàwọlé. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ò fẹ́ ẹ, ẹ ní ọmọ púpọ̀ ló wà lórí bẹ́ǹṣì. Ẹjọ́ yín yé mi, ṣùgbọ́n a kò ní adájọ́ kẹrin tí yóò máa ka àwọn tó ń wọlé tó ń jáde bí èrò inú dáńfó. Bí a ṣe tún gbólóhùn náà kọ rè é:

"Ìgbàkígbà tí agbábọ́ọ̀lù kan bá jáde tí ẹlòmíràn sì wọlé dípò rẹ̀, ìpààrọ̀ kan ni. Ẹgbẹ́ kan kò gbọ́dọ̀ ṣe ju ìpààrọ̀ márùn-ún lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ dé òpin rẹ̀, àfikún àkókò àti pẹ̀nárítì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí a bá ti pààrọ̀ jáde kò gbọ́dọ̀ padà wọlé nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ yẹn fún ìdí kankan, ìbáà jẹ́ pé aṣọ́lé fara pa."

Ẹ wo bí ó ṣe gùn tó. Kò dùn ún kà bíi ti tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi kóòṣì aláwọ̀ ewé síwájú rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí yóò gbà kọjá. A kọ́kọ́ sọ ohun tí ìpààrọ̀ jẹ́ kí a tó kà á. A dárúkọ àfikún àkókò. A sì dárúkọ aṣọ́lé, nítorí mo mọ̀ pé aṣọ́lé ni ẹnu ọ̀nà tí gbogbo àwáwí máa ń gbà wọlé. Bí aṣọ́lé bá fara pa tí ìpààrọ̀ sì ti tán, ọ̀kan nínú àwọn tó kù lórí pápá ni yóò wọ ibọ̀wọ́. Ìyẹn kì í ṣe ìpààrọ̀, torí kò sẹ́ni tó wọlé. Wọ́n kàn gbọ́dọ̀ sọ fún rẹfirí, kí bọ́ọ̀lù sì wà ní ìdúró.

Ọ̀rọ̀ àfikún àkókò yẹn, ẹ má fojú kéré rẹ̀. Òfin àgbáyé gbà pé ìdíje lè fún ẹgbẹ́ ní ìpààrọ̀ kan sí i bí bọ́ọ̀lù bá wọ àfikún àkókò, ṣùgbọ́n ìdíje fúnra rẹ̀ ló máa kọ ọ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, Wolfsburg na Preussen Münster, ẹgbẹ́ ìpele kẹrin, ní 3 sí 1 nínú ife-ẹ̀yẹ ilẹ̀ Jámánì, lẹ́yìn àfikún àkókò. Wọ́n ti mú ẹni kẹfà wọlé, márùn-ún péré sì ni òfin ìdíje náà gbà. Rẹfirí kò dá ẹni kẹfà náà dúró nígbà tó ń wọlé. Síbẹ̀, wọ́n lé Wolfsburg jáde nínú ìdíje, wọ́n sì kọ 2 sí 0 fún Münster. Ìdí nìyí tí a fi fi gbólóhùn kékeré kan sí ìsàlẹ̀ tiwa: "Bí rẹfirí bá tilẹ̀ gba ìpààrọ̀ náà láyè, ẹgbẹ́ tó ṣe é ló ni ẹ̀bi." Bí kò bá sí i, gbogbo kóòṣì tó bá ṣàṣìṣe ni yóò máa nàka sí rẹfirí, pé òun ló ní kí ó wọlé.

Ohun kan kù lórí ìpààrọ̀. Ìgbà wo gan-an ni ó di ìpààrọ̀? Ọmọ kan lè ti dúró sí ìlà àárín, ẹnìkejì rẹ̀ ti ń rọra rìn bọ̀, kí kóòṣì wá yí ọkàn padà. Lábẹ́ òfin, ìgbà tí ẹsẹ̀ ẹni tó ń wọlé bá tẹ pápá ni ìpààrọ̀ parí. Bí kò bá tíì tẹ pápá, a kò tíì ka nǹkan kan mọ́ yín lọ́rùn. Kí ẹ̀rí lè wà, kóòṣì yóò máa fún rẹfirí ní pélébé ìwé kan tó ní nọ́ńbà ẹni tó ń jáde, nọ́ńbà ẹni tó ń wọlé àti ìfọwọ́sí rẹ̀. Rẹfirí á kọ ìṣẹ́jú sí i, á kó o sápò. Bí bọ́ọ̀lù bá parí, kí a ka ìwé. Bí ó bá jẹ́ mẹ́fà, ẹjọ́ ti parí.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ló kàn, ìyẹn ta ni ó lè gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan. Ìwé òfin àtijọ́ ní, "Agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ jẹ́ ọmọ àdúgbò." Mo mọ ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tó kọ ọ́: wọn kò fẹ́ kí olówó kan lọ kó àwọn agbábọ́ọ̀lù láti Òṣogbo tàbí Ìbàdàn wá bá wa gbá. Ṣùgbọ́n ta ni ọmọ àdúgbò? Ọmọ tí ilé bàbá rẹ̀ wà ní Ìsọkùn, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Ìjámọ̀, tí òun fúnra rẹ̀ yá yàrá lẹ́bàá yunifásítì, àdúgbò wo ló ni ín? Ẹ bi ìyá rẹ̀, ẹ ó gbọ́ ìtàn ìdílé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ọ̀rọ̀ tí a kò lè fi ìwé kan ṣoṣo yẹ̀ wò lórí tábìlì kò yẹ nínú abala yìí.

Àwọn òbí wa tó jẹ́ òṣómàáló mọ èyí dáadáa. Wọ́n ń tà aṣọ láwìn ní ìlú onílùú, wọn kì í sì í béèrè bóyá ọmọlúàbí ni ẹni tó rà á. Orúkọ, iye aṣọ, iye owó àti ọjọ́ tí yóò san án ni wọ́n ń fi sọ́wọ́. Bí ọjọ́ bá pé, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà títí owó yóò fi jáde. Ohun tí a ṣe náà nìyẹn. A yọ "ọmọ àdúgbò" kúrò, a sì kọ ọ́ báyìí:

"Ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan ni ẹni tí orúkọ àti àwòrán rẹ̀ wà nínú ìwé orúkọ tí ẹgbẹ́ náà fi ránṣẹ́ sí akọ̀wé líìgì kí ìforúkọsílẹ̀ tó parí, tí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé ẹgbẹ́ mìíràn ní sáà náà, tí kò sì sí lábẹ́ ìjìyà ní wákàtí tí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ bẹ̀rẹ̀."

Èèyàn 25 ni ìwé orúkọ lè gbà. Ẹ̀rù tó wà fún gbígbé agbábọ́ọ̀lù wá láti òde, iye yìí àti ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ parí ló ń dín in kù, kì í ṣe orírun ènìyàn. Olówó lè mú ọmọ Ìbàdàn wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ mú un wá kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kò lè mú un wá fún àṣekágbá nìkan.

Ẹ kíyè sí orúkọ. A ti rí ọmọ kan rí tó fi orúkọ tí wọ́n fún un ní mọ́sáláṣí sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́ kan, tó sì fi orúkọ tí ìyá ìyá rẹ̀ sọ ọ́ sílẹ̀ nínú òmíràn. Kò parọ́, orúkọ rẹ̀ ni méjèèjì. Nítorí náà, ìgbìmọ̀ ń béèrè fún nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn nínú NIN, pẹ̀lú ọjọ́ ìbí. Orúkọ ènìyàn lè jẹ́ mẹ́wàá, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kan ló ní.

Ibi tí mo fẹ́ kí a ti fara balẹ̀ jù ni ọ̀rọ̀ ìjìyà. Gbogbo yín lẹ mọ̀ pé ẹni tó bá gba káàdì pupa yóò jókòó. Ìbéèrè tó le ni pé: ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ wo la ó kà mọ́ jíjókòó rẹ̀? Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí Legia, ẹgbẹ́ ìlú Warsaw ní ilẹ̀ Pólàǹdì, ní ọdún 2014. Wọ́n na Celtic ní 4 sí 1 nílé, wọ́n tún lọ nà wọ́n ní 2 sí 0 ní ìlú Edinburgh. Mẹ́fà sí ọ̀kan. Nígbà tí ìṣẹ́jú díẹ̀ péré kù nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kejì, tí gbogbo nǹkan ti parí, wọ́n mú Bartosz Bereszyński wọlé. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wà lábẹ́ ìjìyà ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ mẹ́ta láti sáà tó kọjá. Legia ka jíjókòó rẹ̀: méjì nígbà tí wọ́n pàdé St Patrick's ti ilẹ̀ Ireland, ọ̀kan nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé Celtic. Mẹ́ta ti pé.

Kò pé. Nígbà tí wọ́n ń kọ orúkọ fún ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjèèjì pẹ̀lú St Patrick's, wọn kò kọ tirẹ̀ sí i, bóyá wọ́n rò pé kí ni à ń kọ orúkọ ẹni tí kò ní gbá sí. Òfin sì sọ pé ẹni tí kò sí nínú ìwé kò sí ohun tó ń jókòó kúrò nínú rẹ̀. Ọ̀kan péré ni ó ti san. UEFA kọ 3 sí 0 fún Celtic, àpapọ̀ di 4 sí 4, Celtic sì kọjá nítorí góòlù kan tí wọ́n ti jẹ ní Warsaw, torí nígbà náà, bí àpapọ̀ bá dọ́gba, ẹgbẹ́ tó jẹ góòlù jù ní ilé onílé ló ń kọjá.

Ẹ gbé e wá sí Iléṣà. Ọmọ kan gba káàdì pupa, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì ni ìjìyà rẹ̀. Ẹgbẹ́ rẹ̀ fẹ́ pàdé ẹgbẹ́ kan tí kò tíì jáwé olúborí láti ìgbà tí sáà ti bẹ̀rẹ̀. Bí ẹgbẹ́ yẹn kò bá wá, wọ́n á gba àmì 3 láìgbá bọ́ọ̀lù. Ṣé ọjọ́ náà kà mọ́ ìjìyà ọmọ yìí? Bí ẹ bá ní ó kà, mo lè sọ fún yín bí èèyàn yóò ṣe lọ fún ẹgbẹ́ kejì lówó ọkọ̀ kí wọ́n má wá. Bí òjò bá sì dá bọ́ọ̀lù dúró ní ìṣẹ́jú 60, ṣé ìyẹn kà? Ohun tí a kọ rè é:

"Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ kan kò kà mọ́ ìjìyà agbábọ́ọ̀lù àfi bí orúkọ rẹ̀ bá wà nínú ìwé orúkọ 25 ti ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, tí a sì gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ náà parí. Ìjìyà tí a kò tíì san tán ń tẹ̀ lé agbábọ́ọ̀lù lọ sí sáà tuntun àti sí ẹgbẹ́ tuntun."

Ìlà ìkẹyìn yẹn ni àwọn kan nínú yín ń rẹ́rìn-ín sí. Ẹ̀yin náà mọ̀dí ẹ̀.

Bí ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́ bá ti gbá, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ìwé àtijọ́ ní "ìgbìmọ̀ yóò fìyà tó tọ́ jẹ ẹgbẹ́ náà." Ìyà tó tọ́ ni àga tí gbogbo ẹbí, ọ̀rẹ́ àti olóṣèlú máa ń fẹ́ wá jókòó lé. Bí FIFA ṣe ń ṣe é ni a mú: ẹgbẹ́ náà pàdánù ní 3 sí 0, bí ó bá sì ti pàdánù tẹ́lẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, iye góòlù orí pápá ló dúró. Bí a kò bá kọ apá kejì yẹn, ẹgbẹ́ tí wọ́n nà ní 7 sí 0 yóò fi ẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ pé òun lo ẹni tí kò lẹ́tọ̀ọ́, kí góòlù mẹ́rin lè bọ́ lọ́rùn rẹ̀. Super Eagles náà ti jẹ nínú ọbẹ̀ yìí: ní ọdún 2017, ọ̀mì 1 sí 1 tí wọ́n gbá ní Àlgéríà di 3 sí 0, nítorí Shehu Abdullahi tó gbá lọ́jọ́ náà wà lábẹ́ ìjìyà.

Kí n tó jókòó, ẹ jẹ́ kí n padà sí aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ pupa, nítorí mi ò tíì sọ bí ẹjọ́ yẹn ṣe parí. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni bọ́ọ̀lù wáyé. Òfin ní kí ẹ̀sùn dé "láàárín ọjọ́ mẹ́ta." Ẹ̀sùn aláwọ̀ pupa dé lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ọ̀dọ́ inú ìgbìmọ̀ kà á: Àìkú ọ̀kan, Ajé méjì, Ìṣẹ́gun mẹ́ta, ó bọ́ sí i. Àgbà kan ní irọ́ ni. Ó ní bí àwọn bàbá wa ṣe ń kà á ni pé òní wà nínú rẹ̀: òní, ọ̀la, ọ̀túnla, ọjọ́ mẹ́ta ti pé. Ó ní ṣebí ọjà tí à ń ná ní ọrọọrún, ọjọ́ mẹ́rin mẹ́rin ló ń bọ̀, torí a ka ọjọ́ ọjà méjèèjì mọ́ ọn. Àbámẹ́ta, Àìkú, Ajé: ẹ̀sùn ti pẹ́. Kò sẹ́ni tó lè já a ní koro, Yorùbá ló ń sọ.

A ní kí wọ́n tún un gbá. Aláwọ̀ pupa kò wá.

Nítorí náà, ẹ kò ní rí "ọjọ́ mẹ́ta" mọ́ nínú ìwé tuntun. "Ẹ̀sùn lórí ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tàbí ọjọ́ Àìkú gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ akọ̀wé kí aago 6 ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e tó lù." A tún kọ pé ìgbìmọ̀ fúnra rẹ̀ lè gbé ẹjọ́ dìde láìsí ẹ̀sùn, ṣùgbọ́n kí ó ṣe é kí ọjọ́ 14 tó kọjá, ọjọ́ tó tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù sì ni ọjọ́ kìíní. Gbogbo wa la rántí Gúúsù Áfíríkà àti Lesotho ní ọdún 2025: oṣù kẹta ni wọ́n gbá a, tí Teboho Mokoena tó wà lábẹ́ ìjìyà sì wọ pápá. Ó di oṣù kẹsàn-án kí FIFA tó sọ 2 sí 0 di 3 sí 0 fún Lesotho. Àwa tí a wà nínú ìsọ̀rí kan náà pẹ̀lú wọn fi oṣù mẹ́fà ṣírò tábìlì méjì. Mi ò fẹ́ irú ẹ̀ níbí.

Ẹ béèrè lẹ́ẹ̀kan lọ́sàn-án yìí pé àwọn ìbejì ńkọ́. Mo ń retí ìbéèrè yẹn. Àwòrán kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀, ọjọ́ ìbí wọn bára mu. Táíwò lè gba káàdì pupa lónìí kí ó sì wọ jẹ́sì Kẹ́hìndé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ìyá wọn nìkan ni yóò mọ̀, ìyá wọn ò sì ní sọ. NIN wọn yàtọ̀, ṣùgbọ́n rẹfirí kò lè rí i lójú wọn. Ohun tí a fi sí i fún ìgbà tí a wà yìí ni pé bí ọ̀kan nínú ìbejì bá wà lábẹ́ ìjìyà tí ìkejì sì fẹ́ gbá, ẹni tí ó ń jìyà gbọ́dọ̀ wá jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì akọ̀wé, láti ìgbà tí fèrè bá kọ́kọ́ dún títí di fèrè ìkẹyìn. Bí kò bá wá, ìkejì náà kò ní gbá.